Wákàtí Mélòó Ni Bátìrì Ínfátà Yín Lè Gbé Ilé? Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣírò Rẹ̀

Wọ́n kọ 12V 200Ah sára bátìrì. Ẹni tó ni ín ka gbogbo ohun tó ń lo iná nílé rẹ̀, ó rí wáàtì 255. Ó fi 12 lọ́nà 200, ó rí 2400. Ó pín 2400 sí ọ̀nà 255, ìdáhùn sì jẹ́ wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú 24. Ó tan iná ní aago 7 alẹ́, ó sì ń retí pé yóò wà títí di aago 4 ìdájí. Kí aago 2 òru tó lù, ínfátà ti ké, ó ti kú, òkùnkùn ti bo ilé.

Ìṣirò rẹ̀ kò ní àṣìṣe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó dúró ní ìdajì ọ̀nà. Mo fẹ́ kí a gba ọ̀nà yẹn dé òpin pẹ̀lú bátìrì kan ṣoṣo yìí àti ẹrù kan ṣoṣo yìí, kí ẹ lè fi nọ́ńbà tiyín rọ́pò tèmi bí a ṣe ń lọ. Bátìrì olómi tó ń lo òjé àti ásíìdì ni mo ń sọ, èyí tó pọ̀ jù lábẹ́ ínfátà ilé. N óò dé ọ̀dọ̀ ti lítíọ́mù kí n tó parí.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó wà lára bátìrì

Nọ́ńbà méjì ni ẹ ń wá. V ni fóòtì. Ah ni áńpù-wákàtí. Tí ẹ bá fi ìkínní lọ́nà ìkejì, ohun tí ẹ máa rí ni wáàtì-wákàtí, ìyẹn gbogbo iná tí bátìrì náà lè kó pọ̀. Wáàtì yàtọ̀ sí wáàtì-wákàtí o. Wáàtì ni bí ohun èlò kan ṣe ń mu iná tó lójú ẹsẹ̀. Wáàtì-wákàtí ni iye tó ti mu lápapọ̀ lẹ́yìn àkókò kan. Fáànù wáàtì 55 tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 2 ti mu wáàtì-wákàtí 110.

Bátìrì tiwa ní 2400. Tí bátìrì bá jẹ́ méjì, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà. Ẹni tó so bátìrì 12V 200Ah méjì tẹ̀lé ara wọn, tí ẹsẹ̀ pọ́sítíìfù ọ̀kan kan nẹ́gátíìfù èkejì, yóò ní 24V 200Ah. Ẹni tó so wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù, yóò ní 12V 400Ah. Ọ̀nà méjèèjì, 4800 náà ni. Kò sí ìsopọ̀ kankan tó lè sọ bátìrì méjì di 24V 400Ah, ṣùgbọ́n mo ti rí ìṣirò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun.

Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà tó wà lára ínfátà fúnra rẹ̀ rú yín lójú. Ínfátà 1kVA tàbí 2kVA ń sọ ẹrù tó pọ̀ jù tí ó lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sọ nǹkan kan nípa iye wákàtí. Tí ẹ bá pààrọ̀ ínfátà kékeré sí ńlá láìfi kún bátìrì, iná yín kò ní pẹ́ sí i. Ó tilẹ̀ lè dín díẹ̀, nítorí ínfátà ńlá sábà máa ń jẹ iná jù fún ara rẹ̀.

Ẹ ka ẹrù ilé, ẹ kà á bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an

Ẹrù, tí àwọn oníná ń pè ní lóòdù, ni àpapọ̀ wáàtì ohun tó wà ní títàn ní àkókò kan náà. Ohun tó jẹ́ ti ilé tiwa ní ìrọ̀lẹ́ nìyí: gílóòbù 5 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 9, ìyẹn 45, fáànù 2 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 55, ìyẹn 110, tẹlifíṣọ̀n 75, díkódà 15, àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì 10. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wáàtì 255.

Ara ohun èlò tàbí orí ṣájà rẹ̀ ni ẹ ti máa rí wáàtì. Tí ó bá jẹ́ fóòtì àti áńpù nìkan ni wọ́n kọ, ẹ fi wọ́n lọ́nà ara wọn, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ohun tó pọ̀ jù tí ohun èlò náà lè mu ni èyí, kì í ṣe ohun tó ń mu nígbà gbogbo. Ṣájà kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n kọ wáàtì 65 sí lè máa mu 30 péré nígbà tí bátìrì inú kọ̀ǹpútà náà bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

Fíríìjì ló le jù láti kà, nítorí ó ń ṣiṣẹ́, ó ń sinmi. Èyí tí wọ́n kọ wáàtì 120 sí lè máa ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú 20 nínú wákàtí kan, kó sì dákẹ́ fún 40 tó kù. Ní ìpíndọ́gba, wáàtì 40 ni ẹ máa kà fún un. Ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí léraléra tàbí yàrá tó gbóná máa ń mú kí àkókò iṣẹ́ rẹ̀ gùn sí i. Ohun tó dára jù ni mítà kékeré tí a ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí a sì ń ki fíríìjì bọ̀ ọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24 gbáko, kí ẹ pín iye wáàtì-wákàtí tó bá kà sí ọ̀nà 24. Yàtọ̀ sí èyí, nígbà tí mọ́tò fíríìjì bá fẹ́ gbéra, ó máa ń fa iná ní ìlọ́po púpọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ìyẹn kò jẹ nǹkan kan nínú wákàtí yín, ṣùgbọ́n ó lè pa ínfátà tí kò tó o. N kò fi fíríìjì sínú àpẹẹrẹ wa kí ọ̀rọ̀ lè mọ́lẹ̀.

Ẹ yọ ohun tí kì í ṣe tiyín kúrò

Nínú 2400 yẹn, apá kan wà tí kò yẹ kí ẹ fọwọ́ kàn, apá kan sì wà tí ínfátà máa jẹ.

Apá àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìlera bátìrì. Nígbà tí bátìrì olójé bá ń fún wa ní iná, ohun funfun kan máa ń hù sára àwọn awo òjé inú rẹ̀. Tí a bá tètè ṣájì bátìrì náà, tí a kò jẹ́ kó gbẹ jù, ohun funfun yìí á tún yọ́ padà nígbà tí a bá ń ṣájì. Tí a bá gbọn ọ́n gbẹ, tí a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò le, yóò di èèpá tí ṣájà kò lè yọ́ mọ́, apá awo tó bá sì bò ti kú nìyẹn. Ìdí rèé tí a fi ń lo ìdajì péré lójoojúmọ́. A ó fi 0.5 lọ́nà rẹ̀.

Apá kejì ni ti ínfátà. Bó ṣe ń yí iná bátìrì padà sí irú iná tí ilé ń lò, ooru ń jáde lára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀, inú bátìrì yín ló ti wá. Ínfátà tó dára, tó ń gbé ẹrù tó mọ níwọ̀n, máa ń jẹ́ kí nǹkan bí 85 nínú 100 dé ilé. A ó fi 0.85 lọ́nà rẹ̀. Tí ìwé tó bá ínfátà yín wá bá sọ nọ́ńbà mìíràn, ẹ lo tiyín.

```
12 × 200 × 0.5 × 0.85 = 1020
1020 ÷ 255 = 4
```

Wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú 24 ti di wákàtí 4. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà ti máa ń dúró. Fún ẹrù tó kéré sí bátìrì, ó tó bẹ́ẹ̀. Fún ẹrù tiwa, kò tíì tó.

Bí ẹ bá ṣe ń fà á kíá tó

200Ah tó wà lára bátìrì yẹn ní àdéhùn kan lẹ́yìn. Fún bátìrì olójé, àdéhùn náà sábà máa ń jẹ́ wákàtí 20, ẹ sì lè rí C20 lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tí ẹ bá fa áńpù 10 lára rẹ̀, yóò gbé e fún wákàtí 20. Kò sọ pé tí ẹ bá fa áńpù 100, yóò gbé e fún wákàtí 2. Kò lè gbé e. Tí a bá ń fa iná kíá, ásíìdì kì í ráyè wọ inú awo òjé dáadáa, bátìrì á sì rẹ̀wẹ̀sì nígbà tí iná ṣì kù nínú rẹ̀. Wilhelm Peukert, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló kọ òfin ìṣirò èyí sílẹ̀ ní ọdún 1897, òun náà ni a ṣì ń lò.

Ẹ jẹ́ ká wo áńpù tí ilé tiwa ń fà. Kí wáàtì 255 tó lè dé ilé, bátìrì gbọ́dọ̀ tú 255 tí a pín sí ọ̀nà 0.85 jáde, ìyẹn 300. A pín 300 sí ọ̀nà fóòtì 12, ó jẹ́ áńpù 25. Ìyẹn ju áńpù 10 inú àdéhùn lọ ní ìlọ́po méjì àbọ̀. Nọ́ńbà kan wà tó ń sọ bí bátìrì ṣe ń jìyà tó lábẹ́ ẹrù. Fún bátìrì olójé tó dára, 1.2 máa ń sún mọ́ ọn. Nínú ìṣirò tó wà nísàlẹ̀ yìí, 20 ni wákàtí àdéhùn, 200 ni Ah bátìrì, 25 ni áńpù tí ilé ń fà, àmì ^ sì ń sọ pé kí ẹ gbé ohun tó wà nínú àkámọ́ sí agbára 1.2.

```
20 × (200 ÷ (25 × 20))^1.2 = 6.66
```

Wákàtí 6.66 ni, ìyẹn wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 40, láti kíkún títí dé gbígbẹ. Ẹ rántí ẹni tí iná rẹ̀ kú kí aago 2 tó lù. Aago 7 alẹ́ ló bẹ̀rẹ̀; aago 1 kọjá ìṣẹ́jú 40 ló parí. Bátìrì rẹ̀ kò bàjẹ́, ẹni tó tà á fún un kò sì rẹ́ ẹ jẹ. Ó kàn fa gbogbo inú rẹ̀ jáde ni, tí ó bá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóròòru, bátìrì náà kò ní pẹ́ bàjẹ́ lóòótọ́.

Ìdajì wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 40 ni wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 20. Ìdáhùn tiwa nìyẹn, tí bátìrì bá jẹ́ tuntun. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n ní wáàtì-wákàtí, 850 ni ilé lè rí lò.

Ohun kan wà nínú òfin yìí tí mo fẹ́ràn púpọ̀, tí kò sì hàn sí ẹni tó ń fi orí lásán ṣírò. Ká ní ẹ fi bátìrì kejì tó bá àkọ́kọ́ mu kún un. Ẹrù kò yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa áńpù 12.5 dípò 25.

```
20 × (200 ÷ (12.5 × 20))^1.2 = 15.3
```

Ìdajì rẹ̀ jẹ́ wákàtí 7 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Bátìrì kan fún wa ní 3 àti ìṣẹ́jú 20. Méjì kò fún wa ní 6 àti ìṣẹ́jú 40, wákàtí kan gbáko ló fi lé e, nítorí ìrọ̀rùn dé bá àwọn méjèèjì. Ẹrù tó wúwo fún bátìrì kan máa ń di fífúyẹ́ fún méjì. Àmọ́ kí wọ́n jẹ́ irú kan náà, ọjọ́ orí kan náà. Tí ẹ bá so tuntun mọ́ ògbólógbòó, ògbólógbòó yẹn ni yóò máa fa tuntun sẹ́yìn.

Òru kò rí bí ìrọ̀lẹ́

Kò sí ilé tó ń lo wáàtì 255 láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀. Ẹ pín alẹ́ sí ọ̀nà méjì. Ká sọ pé ẹrù ìrọ̀lẹ́ wà fún wákàtí 2: 255 lọ́nà 2 jẹ́ 510. Nínú 850, 340 ló kù. Lẹ́yìn náà, gbogbo ènìyàn lọ sùn, ó ku fáànù kan àti gílóòbù kan, ìyẹn wáàtì 64. Tí ẹ bá pín 340 sí ọ̀nà 64, ẹ máa rí wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má gba ìyẹn gbọ́.

Ínfátà máa ń jẹ iná láti wà láàyè, ì báà má gbé nǹkan kan. Ká fi í sí wáàtì 20. Nígbà tí ẹrù bá jẹ́ 255, 20 yìí kò hàn, ó ti wà nínú 0.85 tí a lò. Nígbà tí ẹrù bá wálẹ̀ sí 64, ó hàn gan-an, nítorí náà ẹ fi í kún ẹrù: 84. A pín 340 sí ọ̀nà 84, ó jẹ́ wákàtí 4. Ìrọ̀lẹ́ àti òru papọ̀ jẹ́ wákàtí 6. Ẹ lè rí díẹ̀ lé e, torí pé fífà jẹ́jẹ́ ti òru máa ń dá díẹ̀ padà nínú ohun tí ìrọ̀lẹ́ gbà, ṣùgbọ́n n kì í ka ohun tí mi ò tíì rí mọ́ tèmi.

Tí bátìrì bá jẹ́ lítíọ́mù

Ìṣirò rẹ̀ kúrú. A lè lo 80 nínú 100 rẹ̀ láìséwu, òfin Peukert kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ nípa lórí rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 12.8V 100Ah sí rèé lábẹ́ ẹrù tiwa:

```
12.8 × 100 × 0.8 × 0.85 = 870
870 ÷ 255 = 3.4
```

Wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 25 tàbí bẹ́ẹ̀. 100Ah lítíọ́mù gbé ẹrù yìí bí 200Ah olójé ṣe gbé e. Ẹni tó bá ń fi Ah nìkan wé bátìrì méjèèjì yóò yàn èyí tí kò yẹ.

Ẹ dán an wò ní alẹ́ ọjọ́ kan

Ohun tí ìwé sọ jẹ́ ti bátìrì tuntun. Tiyín lè ti lo ọdún mélòó kan. Ẹ ṣájì rẹ̀ kún, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan láìgbé nǹkan kan, kí ẹ fi mítà wọn fóòtì orí rẹ̀. Bátìrì olómi tó kún, tó ti sinmi, yẹ kó wà ní nǹkan bí 12.6 sí 12.7. Ẹ tan ẹrù tí ẹ mọ wáàtì rẹ̀, ẹ kọ aago sílẹ̀. Nígbà tí àkókò tí ẹ ṣírò bá ti ń sún mọ́, ẹ pa gbogbo ẹrù, ẹ jẹ́ kó sinmi fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tí ó bá wà ní nǹkan bí 12.2, ẹ ti dé ìdajì. Ẹ má wọ̀n ọ́n nígbà tó ń gbé ẹrù kí ẹ wá fi ìyẹn dájọ́, torí fóòtì máa ń lọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹrù, á tún gòkè nígbà tó bá sinmi. Ẹ má sì dúró de igbe ínfátà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í pa ara wọn títí fóòtì yóò fi já sí nǹkan bí 10.5, ìdajì sì ti kọjá tipẹ́tipẹ́ nígbà náà.

Tí ìdajì bá tètè dé jù, ẹ má tíì dá bátìrì lẹ́bi. Ó lè má kún látìbẹ̀rẹ̀: ṣájà áńpù 10 tó fẹ́ dá 100Ah padà nílò ju wákàtí 10 lọ, nítorí ó máa ń rọra ṣe ní ìparí. Ṣùgbọ́n tí ínfátà bá ń ké nígbà tí bátìrì ṣì dára, wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Nígbà tí ẹrù wà lórí rẹ̀, ẹ wọn fóòtì lórí ẹsẹ̀ bátìrì gan-an, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n níbi tí wáyà ti wọ ínfátà. Tí ìyàtọ̀ bá tó ìdajì fóòtì, wáyà tín-ín-rín jù, ó gùn jù, tàbí kí orí rẹ̀ ti dípẹtà. Ínfátà ń rò pé bátìrì ti gbẹ, nígbà tó jẹ́ pé ojú ọ̀nà ni iná ń ṣòfò sí.

Nígbà tí ẹ bá rí wákàtí tòótọ́, ẹ fi ṣe nọ́ńbà kan tí yóò jẹ́ ti ilé yín. Ká ní wákàtí 3 gbáko ni ẹ rí pẹ̀lú ẹrù 255:

```
(255 × 3) ÷ 2400 = 0.32
```

0.32 yìí ti kó ìdajì, ínfátà, fífà kíá, ọjọ́ orí àti wáyà yín pọ̀ mọ́ra. Fún ẹrù tó bá sún mọ́ èyí, ẹ kàn fi í lọ́nà 2400, kí ẹ pín in sí ọ̀nà wáàtì tuntun náà. Bátìrì tuntun nínú àpẹẹrẹ wa yóò fún yín ní 0.35. Ẹ kọ tiyín sára bátìrì pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ dán an wò, kí ẹ tún un dán wò ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà pẹ̀lú ẹrù kan náà. Nígbà tí ohun tí ẹ rí bá ti wálẹ̀ láti 0.35 sí 0.28, agbára bátìrì yẹn ti já sí nǹkan bí 80 nínú 100 ti ìgbà tó wà ní tuntun, ìgbà yẹn sì ni a máa ń kà á sí èyí tó ti gbó.